Kí Aláǹgbá Tó Wọ Inú Ògiri

Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, àwọn àgbà ní kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Kò sí ibi tí òwe yìí ti wọ̀ mí ní akínyẹmí ara tó ilé-ìwòsàn, níbi tí abẹ́rẹ́ tí a fi gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ti lè ṣẹ́rí padà ní ìṣẹ́jú akàn, kí ó sì gún ẹni tí ó mú un lọ́wọ́, tí ó sì lè jẹ́ pé nínú ẹ̀jẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tí ó kù nínú ihò rẹ̀ ni kòkòrò apa-sójà-ara, èyí tí í fa àrùn éèdì, fi ṣe ibùba. Oògùn wà tí ó lè dá kòkòrò náà dúró lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti gún ni tán, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ìjọba wa; ṣùgbọ́n oògùn náà ní wákàtí tirẹ̀, nígbà tí wákàtí náà bá sì ti kọjá, omi tí a fi gbé e mì yóò níye lórí jù ú lọ.

Èmi kò ní í dárúkọ ìlú tàbí ẹnikẹ́ni, nítorí pé àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ fi ìtàn yìí ṣe, mo sì hun ún pọ̀ láti inú bí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa ń rí. Ẹ fi ojú inú wo yàrá ìrọbí kan ní òru, tí iná mànàmáná ti lọ, tí wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́, tí aboyún kan tí wọ́n sáré gbé dé láti ilé agbẹ̀bí sì ń rọbí lọ́wọ́, láìní káàdì, láìṣe àyẹ̀wò kankan láti ìgbà tí ó ti lóyún. Nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 29, wọ ìbọ̀wọ́, ó gba ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan apá aboyún náà, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ó má ṣe láéláé: nítorí pé àpótí tí wọ́n ń da abẹ́rẹ́ lílò sí ti kún dé ẹnu, ó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì dá ìdérí abẹ́rẹ́ náà padà sí i lórí. Ìrora gbé aboyún, ó ju apá, abẹ́rẹ́ náà yọ̀ kúrò nínú ìdérí, ó la ìbọ̀wọ́ já, ó sì wọ ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì nọ́ọ̀sì náà. Agogo méjì òru ti kọjá pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Awọ ara wa ni ògiri náà, abẹ́rẹ́ sì ti là á lẹ́nu. Ohun tí ó kọ́kọ́ tọ́ láti ṣe kò le rárá: kí ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, kí ó gbé ìka sí abẹ́ omi tí ń ṣàn, kí ó fi ọṣẹ lásán fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ó sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó bá fẹ́ jáde fúnra rẹ̀ jáde. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni pé wọn a máa fún ọgbẹ́ náà bí ẹni ń fún ọsàn, wọn a máa fi jíìkì tàbí dẹ́tọ́ọ̀lù gbígbóná janjan wẹ̀ ẹ́, wọn a máa fi ẹnu fà á mu, bí ẹni pé oró ejò ni. Kò sí èyí tí ó ṣàǹfààní nínú gbogbo rẹ̀. Fífún un a máa pa ẹran ara lára, bẹ́ẹ̀ ni ara a sì máa rán àwọn sójà rẹ̀ lọ sí ibi tí ó bá ti farapa, àwọn sójà yìí gan-an sì ni kòkòrò náà ń wá. Jíìkì a máa jẹ awọ, a sì tún sọ ihò kan di méjì. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ni ẹ̀jẹ̀ ta sí, omi tí ó mọ́ nìkan ni a ó fi ṣàn án fún ìṣẹ́jú mélòó kan, láìfi ọṣẹ sí i.

Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì náà mọ bí ewu tí ó wà níwájú rẹ̀ ti tóbi tó, nítorí pé ẹ̀rù a máa gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ènìyàn 1,000 bá fi abẹ́rẹ́ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní kòkòrò yìí gún ara wọn, tí wọn kò sì lo oògùn kankan, àwọn bíi 3 péré ni yóò kó o. Bí ó bá jẹ́ ojú tàbí ẹnu ni ẹ̀jẹ̀ náà ta sí, kò tó ẹyọ kan nínú 1,000. Ṣùgbọ́n gbogbo abẹ́rẹ́ kọ́ ni ó dọ́gba. Ewu a máa pọ̀ sí i bí abẹ́rẹ́ náà bá wọlé jìn, bí a bá fi ojú rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé inú iṣan aláìsàn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ, tàbí bí aláìsàn náà bá wà ní bèbè ikú nítorí éèdì, nígbà tí kòkòrò ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bámúbámú. Abẹ́rẹ́ oníhò tí a fi gba ẹ̀jẹ̀ léwu ju abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán ọgbẹ́ lọ, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú ihò ti ìṣáájú. Ti nọ́ọ̀sì wa yìí ní méjì nínú àmì ewu wọ̀nyí: ó ti inú iṣan wá, ẹ̀jẹ̀ sì hàn lára rẹ̀.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé láti inú 3 nínú 1,000 yìí ni ìtànjẹ ńlá kan ti ń jáde. Bí nọ́ọ̀sì 1,000 tí abẹ́rẹ́ gún bá mu àgbo, àwọn 997 nínú wọn yóò ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọn yóò sì rí i pé àwọn kò ní kòkòrò kankan. Bí wọ́n bá fi ògógóró fọ ọwọ́, bákan náà ni yóò rí. Bí wọ́n bá jẹ ááyù, bí wọ́n bá gba omi àdúrà, bí wọn kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan, 997 náà ni. Olúkúlùkù wọn ni yóò sì fi tọkàntọkàn jẹ́rìí pé ohun tí òun lò ni ó gba òun, kì í sì í ṣe irọ́ ni ó ń pa; kò mọ̀ pé òun ìbá bọ́ bí òun kò tilẹ̀ lò ó. Nítorí náà, ẹ̀rí ẹnì kan tàbí ogún ènìyàn kò tó láti fi mọ oògùn tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn 3 tí wọn kò bọ́ ni ó yẹ kí a béèrè nípa wọn.

Kí ni oògùn tòótọ́ ń ṣe nígbà náà, èé sì ti ṣe tí wákàtí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Kòkòrò yìí kò lè dá bímọ fúnra rẹ̀. Àfi bí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn kí ó tó lè pọ̀ sí i. Nígbà tí ó bá gba ibi ọgbẹ́ wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì olùṣọ́ tí wọ́n wà lábẹ́ awọ ni ó kọ́kọ́ pàdé, àwọn wọ̀nyí a sì gbé e, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ bodè ti í mú àjèjì lọ sí ààfin, lọ sí inú àwọn kókó kéékèèké tí ó wà ní abíyá, ní ọrùn àti ní ìtan wa, níbi tí àwọn sójà ara máa ń pàdé sí. Nínú àwọn ọ̀bọ tí àwọn onímọ̀ fi ṣe àyẹ̀wò, ìrìn-àjò yìí kò ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Nígbà tí ó bá fi máa di bí ọjọ́ márùn-ún, kòkòrò ti tú sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú kókó wọ̀nyí ni yóò ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì sójà gan-an. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe níbẹ̀ ni kí ó da ọ̀rọ̀ tí a kọ sára rẹ̀ kọ ní irú ìkọ̀wé tí sẹ́ẹ̀lì náà ń lò. Èkejì ni kí ó já wọ inú ìwé àjogúnbá sẹ́ẹ̀lì náà, kí ó rán ewé tirẹ̀ mọ́ ewé onílé. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkúùgbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá ṣí ìwé rẹ̀, kòkòrò ni yóò máa bí.

Oògùn mẹ́ta tí wọ́n lọ̀ pọ̀ sínú hóró kan ni a ń lò lónìí: tẹnofófía 300 mílígíráàmù, lamifúdíìnì 300 mílígíráàmù, àti dolutẹgiráfía 50 mílígíráàmù. Àwọn méjì àkọ́kọ́ a máa da ìkọ̀wé náà rú, tí kò fi ní í parí; ẹ̀kẹta a máa di ojú ibi tí kòkòrò ìbá gbà rán ewé rẹ̀ mọ́ ìwé onílé. Ẹ kíyèsí i pé kò sí èyí tí ó lè fa ewé náà ya nígbà tí a bá ti rán an mọ́ ọn tán. Ìdí nìyí tí ẹni tí kòkòrò ti ráyè fìdí kalẹ̀ sí lára fi ń lo oògùn kan náà yìí títí ọjọ́ ayé rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì wa sì lè lò ó fún ọjọ́ 28 péré kí ó sì bọ́ pátápátá: oògùn kan ni, ẹnu-ọ̀nà kan náà ni ó ń ṣọ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀kan, àlejò ti wọlé, ti èkejì, ó ṣì wà ní ìta. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Tẹnofófía kì í ṣiṣẹ́ bí a bá ṣe gbé e mì. Sẹ́ẹ̀lì wa ni yóò kọ́kọ́ yí i padà sí ohun tí ó lè jà, èyí sì a máa gba wákàtí mélòó kan. Ẹni tí ó bá fi wákàtí mẹ́wàá ronú ti fi ju mẹ́wàá lọ sílẹ̀ fún kòkòrò.

Ọ̀nà tí a gbà mọ gbogbo èyí kò rọrùn. Ní 1984 ni ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ròyìn òṣìṣẹ́ ìlera kan tí ó kó kòkòrò yìí láti ojú abẹ́rẹ́ tí ó gún un. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí sidofúdíìnì, oògùn àkọ́kọ́ fún éèdì, ní 1987, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí fi í fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí abẹ́rẹ́ bá gún, láìní ẹ̀rí pé yóò ṣiṣẹ́. Ó ṣòro láti pín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà méjì, kí a fún apá kan ní oògùn kí a sì fún apá kejì ní ẹfun lásán. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí ṣe padà sẹ́yìn wo àkọsílẹ̀: wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera 33 tí wọ́n ti kó kòkòrò jọ, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn 665 tí abẹ́rẹ́ gún tí wọn kò sì kó o. Ìwádìí náà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997, fi hàn pé ewu dín kù ní nǹkan bí ìdá 81 nínú 100 fún àwọn tí ó lo sidofúdíìnì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ oògùn kan ṣoṣo ni, tí ó sì le lára bí ewúro.

Àwọn ọ̀bọ ni ó kọ́ wa ní ti wákàtí. Ní Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ olùwádìí tí Che-Chung Tsai ṣáájú fi kòkòrò ti ọ̀bọ, tí ó jẹ́ ìbátan tiwa, sínú iṣan àwọn ọ̀bọ, wọ́n sì fún wọn ní tẹnofófía ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998, gbogbo àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ní wákàtí 24 tí wọ́n sì lò ó fún ọjọ́ 28 ni ó bọ́. Nínú àwọn tí a fi oògùn wọn falẹ̀ di wákàtí 48 tàbí 72, àwọn kan kó o. Nínú àwọn tí a tètè fún ṣùgbọ́n tí a dá a dúró ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́wàá, àwọn kan kó o pẹ̀lú. Láti inú irú ìwádìí báyìí ni òfin méjèèjì tí àwọn oníṣègùn káàkiri ayé ń tẹ̀lé ti jáde: pé kí a bẹ̀rẹ̀ kíákíá, kí ó má sì kọjá wákàtí 72, àti pé ọjọ́ 28 ni kí a fi lò ó.

Èmi ka wákàtí 72 yìí sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti ṣì lò jù nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹni tí ó gbọ́ pé òun ní ọjọ́ mẹ́ta a máa rò pé ọ̀la ṣì wà, ọ̀túnla ṣì wà. A ní kí òun sùn lé e, a ní kí ilẹ̀ mọ́, a ní kí ọ̀gá àgbà padà láti ìrìn-àjò. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àwọn ọ̀bọ wọ̀nyẹn dáadáa, ọjọ́ kẹta ni ibi tí ìrètí ti ń tán lọ, kì í ṣe ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Kí a padà sí yàrá ìrọbí. Nọ́ọ̀sì náà fọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí tì í, nítorí pé ó mọ̀ pé òun kò gbọ́dọ̀ dá ìdérí abẹ́rẹ́ padà. Ìtìjú yìí ni ó máa ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́, tí wọn yóò fi di ọgbẹ́ náà ní bándéèjì, tí wọn yóò sì máa dá rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ mátírọ́ọ̀nù lọ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, abẹ́rẹ́ tí mo fi gba ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn gún mi.” Mátírọ́ọ̀nù kò bá a wí. “Ṣé o ti fọ̀ ọ́? Agogo mélòó ni?” Ó kọ wákàtí náà sínú ìwé kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ibi tí ọ̀nà ti máa ń dí nìyí. Yàrá oògùn kòkòrò apa-sójà-ara kì í ṣí títí di agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti sùn nílé, bí ó bá sì ṣe pé alẹ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, ó lè di Ọjọ́ Ajé kí a tó rí i. Àwọn ilé-ìwòsàn tí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe a máa tọ́jú oògùn ọjọ́ mẹ́ta sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì, kí ẹni tí ó bá bọ́ sínú ewu ní òru lè bẹ̀rẹ̀, kí ó sì lọ gba ìyókù nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Orí nọ́ọ̀sì wa ṣe é re pé oògùn yìí wà nínú àpótí lára ògiri. Mátírọ́ọ̀nù yọ hóró kan, ó bu omi sínú ife, ó ní, “Gbé èyí mì ná. Àyẹ̀wò tìrẹ àti ti ìyá yẹn, a óò ṣe é lẹ́yìn.” Agogo mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ìṣẹ́jú 55 lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ gún un.

Ọ̀rọ̀ tí mátírọ́ọ̀nù sọ yẹn ni gbogbo ọgbọ́n inú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ a máa fẹ́ mọ̀ bóyá aláìsàn ní kòkòrò kí wọ́n tó gbé oògùn mì, nígbà tí ó jẹ́ pé oògùn tí a bá bẹ̀rẹ̀ ṣe é dá dúró lọ́la bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò sí ewu, ṣùgbọ́n wákàtí tí a bá fi dúró de àyẹ̀wò kò ṣe é rà padà. Wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ìyá náà nígbà tí ìrora fà sẹ́yìn, wọ́n ṣàlàyé fún un ní ohùn jẹ́jẹ́, ó sì gbà. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé àyẹ̀wò. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ìlà méjì fi hàn, wọ́n sì fi irú àyẹ̀wò mìíràn jẹ́rìí sí i. Ìyá náà ní kòkòrò, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ rí.

Ẹ wo bí ohun kan ṣoṣo ti di ohun mẹ́ta ní òru ọjọ́ náà. Hóró kan náà tí nọ́ọ̀sì gbé mì ni wọ́n fún ìyá náà nínú ìrọbí, kí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Ti ìyá kò ní í dáwọ́ dúró mọ́, ti nọ́ọ̀sì ní òpin. Nígbà tí ọmọ bọ́ sílẹ̀ tí ó sì ké, wọ́n kán oògùn olómi sí òun náà lẹ́nu, nítorí pé ọmọ tí ó ti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ jáde dà bí ẹni tí abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gún: ọ̀tá ti kàn án lára, ó sì lè jẹ́ pé kò tíì wọlé. Bí abẹ́rẹ́ kò bá gún nọ́ọ̀sì, bóyá òwúrọ̀ ni wọn ìbá tó ṣe àyẹ̀wò ìyá náà. Mo ń kọ èyí pẹ̀lú ọkàn wúwo, nítorí pé kò yẹ kí ó jẹ́ ọgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni yóò mú wa rántí aboyún.

Wọ́n ṣe àyẹ̀wò nọ́ọ̀sì pẹ̀lú, láti mọ̀ bóyá kò ní kòkòrò náà tẹ́lẹ̀. Kò ní in. Wọ́n wo bí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ sí, nítorí tẹnofófía. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi í léèrè ohun kan tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: ṣé ó ti gba àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B pé? Ẹ̀ẹ̀kan ni ó gbà á nínú mẹ́ta. Àrùn mẹ́dọ̀wú yìí a máa gba ojú abẹ́rẹ́ ranni ju kòkòrò éèdì lọ jìnnà. Ó lè mú tó 30 nínú 100 àwọn tí kò gba àjẹsára, bí aláìsàn náà bá ní in lọ́pọ̀. Wọ́n fún un ní àjẹsára kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n sì wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ ní mẹ́dọ̀wú lára, nítorí pé tẹnofófía àti lamifúdíìnì a máa tẹ kòkòrò mẹ́dọ̀wú náà lórí ba, bí a bá sì dá wọn dúró ní ọjọ́ 28 lára ẹni tí ó ní in, ó lè gbéra sọ, kí ó sì fi ẹ̀dọ̀ jóná.

Ọjọ́ 28 gùn ju bí ẹni tí kò lò ó rí ti rò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èébì gbé nọ́ọ̀sì wa, orí fọ́ ọ, oorun sì ń fò ó. Ó ń rí àlá tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń dá oògùn dúró nìyí, àwọn ọ̀bọ sì ti fi ohun tí í ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó dá a dúró ní ọjọ́ kẹwàá hàn wá. Nọ́ọ̀sì wa yí wákàtí oògùn rẹ̀ sí òwúrọ̀, oorun sì padà. Bí ó bá gbàgbé, kí ó lò ó nígbà tí ó bá rántí; kí ó má ṣe lo méjì pọ̀ láti fi dí àlàfo. Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kò jọ ohun tí ènìyàn lè fura sí: ìyá rẹ̀ rí i pé ó rù, ó sì ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un, ó ní kí ó máa lò ó pẹ̀lú ti òwúrọ̀. Irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ a máa di dolutẹgiráfía mú nínú ìfun, tí kò fi ní í wọ inú ara bí ó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tí a fi ń pa inú kíkan àti oògùn eegun tí ó ní ẹfun nínú. Kí a lo dolutẹgiráfía ní wákàtí méjì ṣáájú wọn, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Bí alátọ̀gbẹ tí ń lo mẹtifọ́míìnì tàbí ẹni tí ń lo oògùn ikọ́ ife ni abẹ́rẹ́ gún, kí ó sọ fún dókítà, nítorí pé wọ́n ní láti tún ìwọ̀n oògùn ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe yá oògùn kòkòrò lọ́wọ́ ẹlòmíràn lò láìbéèrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001, àjọ tí ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn kan tí wọ́n fún ní nẹfirapíìnì lẹ́yìn irú ìjàǹbá báyìí ní ìpalára ẹ̀dọ̀ tí ó burú, ti òṣìṣẹ́ ìlera kan sì le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Oògùn tí ó ń gba ẹ̀mí aláìsàn là lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le ní ibi.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa abẹ́rẹ́ ni ó kan ẹni tí a fipá bá lò pọ̀, àti ẹni tí rọ́bà ìdáàbòbò ya mọ́ lára. Bí obìnrin bá bá ọkùnrin tí ó ní kòkòrò tí kò sì lo oògùn lò pọ̀ láti ojú ara, ewu náà tó bí 8 nínú ìgbà 10,000. Bí ó bá jẹ́ láti ihò ìdí, ó tó bí 138. Ọgbẹ́ tí ìfipábánilòpọ̀ bá sì dá a máa mú un pọ̀ sí i. Wákàtí náà kò yàtọ̀, oògùn náà kò yàtọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹni yìí kì í gbé inú ilé-ìwòsàn, ìtìjú tirẹ̀ sì wúwo ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Mo gbà pé kò sí ìwé ọlọ́pàá, kò sí ìpàdé ẹbí, kò sí ìbéèrè aṣọ tí ó wọ̀, tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú hóró àkọ́kọ́. Ní Èkó, Ibùdó Mírábẹ́ẹ̀lì, tí ó wà nínú ọgbà ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ náà ní Ìkẹjà láti 2013, a máa ṣe ìtọ́jú yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ibi tí irú rẹ̀ kò bá sí, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ilé-ìwòsàn ìjọba ni kí a sáré lọ. Bí wákàtí 72 bá ti kọjá kí ó tó dé, kí ó ṣì lọ: àyẹ̀wò àti ìtọ́jú mìíràn wà fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn ti oògùn yìí ti tì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí nọ́ọ̀sì náà ti parí oògùn rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún. Ní ilẹ̀ wa, ibà ni gbogbo ènìyàn yóò pè é, wọn yóò sì ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ara gbígbóná, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, èèsú lára àti kókó abíyá wíwú ni àmì tí kòkòrò éèdì máa ń fi hàn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ó bá ráyè wọlé; nítorí náà ni ó ṣe lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, dípò kí ó lọ ra oògùn. Ìlà kan ṣoṣo ni ó jáde fún ti kòkòrò. Ti ibà ni ó hàn. Òun àti ọkọ rẹ̀ tún ń lo rọ́bà títí di ọ̀sẹ̀ kejìlá, nítorí pé àyẹ̀wò ìgbà náà ni a fi ń parí ọ̀rọ̀. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó tún jókòó níwájú mátírọ́ọ̀nù, ìwé àyẹ̀wò wà lórí tábìlì láàárín wọn, ìlà kan náà ni. Mátírọ́ọ̀nù ṣí ìwé tí ó ti kọ “agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá” sí ní òru ọjọ́ náà, ó kọ èsì náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó dìde lọ wo àpótí ara ògiri, ó ka hóró oògùn tí ó kù níbẹ̀, ó sì rán nọ́ọ̀sì náà pé kí ó lọ pààrọ̀ àpótí abẹ́rẹ́ tí ó wà ní yàrá ìrọbí, nítorí pé ó ti kún dé ìdajì.